Agogo Tí Wọ́n Bá Mi Lù

Agogo kan wà nínú yàrá tí a ti ń ṣòwò ní Yábàá. Agogo ọwọ́ ni, irú èyí tí olùkọ́ fi ń pe àwọn ọmọ wọlé lẹ́yìn ìsinmi ráńpẹ́. Ọ̀gá tó ni yàrá náà gbé e sórí fíríìjì kékeré tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jáde kúrò nínú ọjà pẹ̀lú èrè, ìbáà kéré, ìbáà tóbi, yóò dìde, yóò lù ú, gbogbo wa yóò sì dáhùn pé, "Ó ti wọlé!" Bí ọjà bá dára lọ́jọ́ náà, ẹni tó lu agogo yóò ra búrẹ́dì yíká ilé. Òfin tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ó sì dùn mọ́ gbogbo wa.

Ọjà tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn dé. Owó ilẹ̀ òkèèrè àti wúrà ni à ń rà, tí à ń tà, lórí kọ̀ǹpútà. Èmi àti àwọn bíi mélòó kan la háyà ìjókòó lọ́wọ́ Ọ̀gá, nítorí pé iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í sábà lọ. Ọ̀gá ti ṣiṣẹ́ ní báńkì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ràn ariwo, ó fẹ́ràn kí inú èèyàn máa dùn, ìdí nìyẹn tó fi ra agogo.

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Súrùlérè, títí ohùn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Mo yára bínú, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ju ìbínú lọ lára mi ni ọ̀fíntótó. Bí mo bá rí nǹkan tí kò yé mi, oorun kì í kun ojú mi dáadáa títí n ó fi rí ìdí rẹ̀. Ìyá wa máa ń sọ pé ọjọ́ tí mo bá dé ọ̀run, n ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn áńgẹ́lì pé ta ló ń fọ aṣọ wọn.

Ohun tí kò yé mi nínú yàrá yẹn ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó jókòó tì mí. Ó kéré sí mi, "Àbúrò" ni mo ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní Àǹtí. Kò sẹ́ni tó ń lu agogo bíi tirẹ̀. Bó bá wọ ọjà ní àárọ̀, tí owó díẹ̀ bá ti hàn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ti jáde nìyẹn, ó ti sáré lọ sídìí fíríìjì. Búrẹ́dì rẹ̀ ni mo jẹ jù ní ọdún yẹn. Síbẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé ọkùnrin tó ń jáwé olúborí lójoojúmọ́ yìí ti ta ọkọ̀ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń wọ̀ wá láti Muṣin.

Ọjọ́ kan ni mo bi í léèrè. Abéèrè kì í ṣìnà, mo sì rọra béèrè, kó má baà dà bí ìyọṣùtì. Mo ní nínú ìgbà mẹ́wàá tó wọ ọjà kẹ́yìn, mélòó ló lérè? Ó ní mẹ́sàn-án. Mo ní owó rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti lé sí i? Ó họ orí. Ó ní rárá, ó dín díẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ ká jọ wò ó. Ìgbà mẹ́sàn-án tó jèrè yẹn, èrè rẹ̀ kì í ju ìdajì owó tó ní òun lè pàdánù lẹ́ẹ̀kan lọ tó ti ń jáde, nítorí pé ẹ̀rù ń bà á kí èrè má baà sá lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà kan ṣoṣo tí ọjà kọ ẹ̀yìn sí i, kò jáde. Ó ní ó ń bọ̀ wá padà. Ó gbàdúrà, ó wò ó, ó tún wò ó, títí àdánù náà fi di ìlọ́po mẹ́fà ohun tó yẹ kó jẹ́. Ìdajì lọ́nà mẹ́sàn-án, mẹ́rin àbọ̀ ni. Mẹ́fà ló ti ibòmíràn jáde. Agogo dún lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, owó sì ń gbẹ.

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó ní èmi náà ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìṣirò. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Bí èèyàn bá lè jáwé olúborí nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kó sì tún pàdánù, ǹjẹ́ ẹlòmíràn kò lè kùnà nígbà méje nínú mẹ́wàá, kó sì jèrè?

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sílé. Ojú kọ̀ǹpútà máa ń fi bí ọjà ṣe rìn ní àwọn ọdún tó ti kọjá hàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Mo ṣe òfin fún ara mi. Bí iye wúrà bá gbéra ju ibi gíga tó ti dé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn lọ, mo rà á. Bí mo bá ṣe ń rà á, mo ti sàmì sí ibi tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yóò ti mú mi jáde bí ọjà bá yí padà, ibẹ̀ kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá gbà fún mi, n kò ní jáde. N ó máa fa àmì ìjáde náà tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, n ó sì jókòó títí ọjà fúnra rẹ̀ yóò fi yí padà wá kàn án. Àdánù kò ní ju bó ṣe yẹ lọ. Èrè ni n kò fi ààlà sí.

Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Nínú mẹ́wàá, bíi méje ló já sí òfo. Ọjà á gbéra bí ẹni tó ń lọ síbi kan, á tún kó àárẹ̀, á dá mi padà. Ṣùgbọ́n mẹ́ta tó kù yẹn, nígbà tí wọ́n bá lọ, wọ́n ń lọ ni. Bí mo bá pa èrè wọn pọ̀ tí mo pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìlọ́po mẹ́rin àdánù kan. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, méjìlá. Kí a yọ méje kúrò, márùn-ún ló kù. Àní bí ẹyọ kan péré nínú márùn-ún bá lérè, owó kò ní lé, kò sì ní dín; èyí tó bá fi jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè ni. Mo jókòó sí pálọ̀ mi, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Wàyí o, owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbà mí. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fẹ̀yìn tì, Sísítà ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ó fún mi lára owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kì í ṣe owó tí a lè fi ṣeré, mo mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. A pín in sí ọgọ́rùn-ún ìdá nínú ọ̀rọ̀ wa. Ìdá kan ni mo gbọ́dọ̀ fi wéwu lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí ìdá mẹ́wàá bá lọ pátá, n ó dá ìyókù padà, n ó sì fi ìjókòó Yábàá sílẹ̀. Sísítà kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Tó bá di mẹ́wàá, má wá bẹ̀ mí o." Mo ní mo gbọ́. Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sí kíláàsì mi, ibi tí n ó padà sí kò sí.

Ẹ wá wo orí mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì kùnà. Mo tún wọlé, mo tún kùnà. Ìdá kan, ìdá kan, bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú ipasẹ̀ ọjà àtijọ́ tí mo tọ̀. Ẹni tó bá ń pàdánù nígbà méje nínú mẹ́wàá, bó pẹ́ bó yá, àdánù yóò to tẹ̀lé ara wọn fún un, kò sí àní-àní. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Síbẹ̀, nígbà tó fi di mẹ́jọ láìlérè kan, lálaalẹ́ ni mò ń tún gbogbo ìṣirò náà ṣe.

Àwọn ará yàrá kò dákẹ́. N kò lu agogo rí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ òfin tuntun mi, ó sì ń dùn wọ́n fún mi gidi. Màmá kan tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mú òróró àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi kan máòsì mi, máòsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní bóyá kí n kúrò nídìí wúrà. Àbúrò ní òun yóò kọ́ mi ní ti òun. Mo fọhùn le sí i, mo ní èyí tó fi ta mọ́tò ni àbí èwo? Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jáde lẹ́nu.

Ìgbà kẹsàn-án ni wúrà gbéra. Mo rà á bí òfin ṣe wí, mo sàmì sí ibi ìjáde, kò sì yí padà bí ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, èrè tó lé díẹ̀ ní ìdá kan ti wà nínú rẹ̀. Ọkàn mi fò. N kò fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé irú èyí ni mò ń dúró dè, irú èyí ló máa san gbèsè àwọn mẹ́jọ tó ti lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo fẹ́ lọ ra ẹja ní Ọ̀yìngbò kí ọjà tó tú. Nínú yàrá wa, bí èèyàn bá fẹ́ jáde, á ní kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bá òun wo ojú kọ̀ǹpútà, bí iná bá lọ tàbí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kó pe òun. Àṣà wa ni. Mo yíjú sí Àbúrò, mo ní, "Bá mi wò ó o, mò ń bọ̀."

Nígbà tí mo dé, mo gbọ́ ariwo láti orí àtẹ̀gùn. Agogo ń dún. Mo ní ọpẹ́ o, ta ló tún lérè? Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Màmá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń jó. Ọ̀gá ló di agogo mú, ó ń lù ú lójú mi, ó ní, "Ó ti wọlé! Ó ti wọlé!" Búrẹ́dì ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti rà á ní orúkọ mi.

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà mi. Kò sí ọjà kankan níbẹ̀ mọ́.

Àbúrò ló jáde fún mi. Wúrà ti wálẹ̀ díẹ̀, ó sì bẹ̀rù pé yóò tún di àdánù kẹsàn-án lójú òun, lórí ohun tí mo fi sí òun lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tó gbé ọmọ yọ nínú omi. Ó ní, "Àǹtí, mo rí i pé gíríìnì ṣì ni, èrè ṣì ni, mo ní kó má baà tún padà di rẹ́ẹ̀dì, kó di àdánù mọ́ yín lọ́wọ́. Mo ṣáà ní kí ẹ̀yin náà lu agogo."

Ẹja ṣì wà lọ́wọ́ mi. Omi rẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Inú bí mi, mo sì rí i nígbà kan náà pé ìfẹ́ ló fi ṣe é, ìfẹ́ gidi, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́tò tí mo sọ sí i. Bó bá jẹ́ pé ọ̀tá ló ṣe é, ìbá rọrùn. Mo jókòó. Mo jẹ búrẹ́dì náà.

Wúrà kò dúró dè wá. Ó gòkè ní ọjọ́ kẹta, ó tún gòkè. Mo ń ṣírò rẹ̀ láìfẹ́. Nígbà tó fi yí padà dé ibi tí àmì ìjáde mi ìbá wà, ìdá mẹ́fà ni ìbá ti mú wá. Ìdá kan la gbà. Mo fi han Àbúrò. Mo ní, "Wò ó. Àwọn mẹ́jọ tó ti lọ yẹn, ìdá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mú lọ. Irú èyí ló ń bá wọn dá a padà. Bí a bá gé e kúrú, kí la ó fi san tàwọn yẹn?" Ó ní òun rò pé ẹni tó ń jèrè lemọ́lemọ́ ni ẹni tó ń jáwé olúborí. Mo ní gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí agogo fi wà lórí fíríìjì.

N kò ṣàlàyé mọ́. Ìgbà méjì tó tẹ̀lé e ni mo tún kùnà. Mẹ́jọ pẹ̀lú méjì, mẹ́wàá. Kí a yọ ìdá kan tí Àbúrò gbà fún mi, ó di mẹ́sàn-án. Ìdá kan péré ló kù kí àdéhùn èmi àti Sísítà tó parí.

Mo pè é kó tó pè mí. Ó wá sí Yábàá fúnra rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó jókòó sórí àga Àbúrò, ó sì béèrè ohun tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè: mélòó lo jẹ? Mo ní ẹyọ kan nínú mọ́kànlá. Ó mí kanlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ipasẹ̀ ọjà àtijọ́ hàn án, èyí tó lọ, èyí tí kò lọ. Mo ní kó wò ó bí èyí tó lọ ṣe gùn tó, bí èyí tó kùnà ṣe kúrú tó. Mo ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ká mọ́. Ó kàn ń wo àwọn ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Àbí bí Bàbá ṣe ń ra ẹ́ńjìnnì nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà dá mi lẹ́kun. N kò rántí bàbá wa rárá nínú gbogbo ìṣirò mi. Ní Muṣin ni wọ́n ti ń ra ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó ti kú, láìtú u wò, ní iye tó fi díẹ̀ ju owó irin lọ. Wọn á gbé e wá sẹ́yìnkùlé wa, wọn á fi òwúrọ̀ kan ṣoṣo gbìyànjú rẹ̀. Bí kò bá jí, kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti tà á fáwọn onírin. Ìyá wa a máa pariwo pé òkú ló kún ẹ̀yìnkùlé òun, pé nínú gbogbo èyí tí wọ́n gbé wá kò sí èyí tó jí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan a máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì jí, wọ́n á tà á ní iye ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe iye irin. Owó ilé-ìwé wa nìyẹn.

Sísítà ní òun ti tó ọmọ tó ń bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú nígbà yẹn, èmi ṣì kéré. Ó ní òun bi Bàbá léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọn kì í fún àwọn ẹ́ńjìnnì náà ní ọjọ́ méjì, bóyá wọn á jí. Bàbá ní, "Èyí tí mo bá fún ní ọjọ́ méjì ló máa jẹ owó èyí tó jí." Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pa òwe mọ́ ọn pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Mo ní Sísítà, ẹ wá fún mi ní ìdá márùn-ún sí i. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní rárá. Ó ní bí òun bá ti sún ìlà ìdá mẹ́wàá yẹn síwájú, òun àti Àbúrò tí mo ròyìn rẹ̀ fún òun, tó ní ọjà ń bọ̀ wá padà, ti di ọ̀kan náà. Ó dìde, ó di ògiri mú, ó sọ̀ kalẹ̀. N kò lè jiyàn. Òfin mi ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́.

Mo dúró. Nǹkan tó le jù nínú òwò yìí ni pé ẹni tí ìdá kan péré kù fún lè bẹ̀rù láti wọlé, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò wọ̀ yẹn lè jẹ́ èyí tó máa jí. Kò sí àmì lára wọn. Mọ́kànlá tí mo ti wọ̀ kò sọ ohunkóhun fún èkejìlá. Nígbà tí wúrà tún gbéra, mo nu máòsì olóróró yẹn, mo sì rà á. Mo sàmì ìjáde sí ibi tó yẹ kó wà. Bó bá kàn án, ilé yá.

Kò kàn án. Ó súnmọ́ ọn ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì gòkè. Nígbà tí èrè náà tó ìdá kan, ojú gbogbo yàrá ti wà lára mi. Nígbà tó tó ìdá mẹ́ta, Ọ̀gá ní ṣé n kò ní lu agogo ni. Mo ní kò tíì yá. Nígbà tó tó mẹ́sàn-án, tó jẹ́ pé bí mo bá jáde nígbà yẹn gbogbo ohun tí mo ti pàdánù ló máa padà, n kò lè jókòó mọ́. Mo ń rìn káàkiri. Ara mi ń bẹ̀ mí pé kí n jáde kí n sinmi. Àbúrò ló mú mi jókòó. Ó ti kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó ní òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan mi láéláé, kí èmi náà jọ̀ọ́ má fọwọ́ kàn án. Ó dìde, ó lọ mú agogo, ó fi aṣọ ìnujú di ahọ́n rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi wò ó. Ó gòkè, ó wálẹ̀, ó tún gòkè, mo sì ń fa àmì ìjáde tẹ̀lé e. Nígbà tó wá yí padà dáadáa tó sì kan àmì náà, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, n kò tilẹ̀ mọ̀. Mo dé, mo bá a pé ọjà ti jáde fúnra rẹ̀. Ìdá méjìlá ni. Èrè rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀ láti ibi gíga tó dé, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jáde lórí òkè gan-an, kò ní bá a lọ jìnnà.

Mo jókòó, mo kà á. Ìgbà méjìlá ni mo wọ ọjà. Mẹ́wàá ni mo kùnà, ìdá mẹ́wàá lọ. Méjì ni mo jèrè, ọ̀kan mú ìdá kan wá, èkejì mú méjìlá wá. Mẹ́tàlá. Owó Sísítà lé ní ìdá mẹ́ta ju bó ṣe rí lọ́jọ́ tó fi fún mi. Bó bá jẹ́ pé Àbúrò kò ràn mí lọ́wọ́, ìbá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti dárí jì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń rán an létí nígbà tí ó bá yọ mí lẹ́nu.

Mo pe Sísítà. Kò béèrè mélòó mọ́. Ó ní, "Ó ti jí?" Mo ní ó ti jí. Ohùn rẹ̀ wá wálẹ̀, ó ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ká sì má ṣe gbàgbé pé ọ̀la ṣì lè jẹ́ irin. Mo sọkún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá ni mò ń sọkún lé lórí, pé mo gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú wọn tó bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìnkùlé.

Àwọn ará yàrá ní kí n lu agogo. Mo ní n ó lù ú, kí wọ́n ṣe sùúrù. Búrẹ́dì ni mo rà, mo ra ti gbogbo ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún wọ ọjà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wúrà ti yí padà, ó kan àmì ìjáde mi, ìdá kan lọ, kò sì ju ìdá kan lọ. Mo dìde. Mo lọ sídìí fíríìjì, mo tú aṣọ ìnujú kúrò lára ahọ́n agogo, mo sì lù ú.

Gbogbo ilé wò mí. Ọ̀gá ní, "Kí ló wọlé?" Mo ní kò sí ohun tó wọlé, àdánù ni, mo jáde níbi tí mo ní n ó ti jáde. Àbúrò rọra yíjú padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, sí ibi tí ọjà kan ti ń pọ́n wẹ́ẹ́, tó ń pàdánù, láti ìjẹta. Ó tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan, ó jáde kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó wá gba agogo lọ́wọ́ mi.